SSSTS tàbí SMSTS?

Mo ń darí àwọn òṣìṣẹ́ níbi ìkọ́lé ní Bìrìtéènì. Ṣé ẹ̀kọ́ ààbò SSSTS tó fún mi, àbí kí n ṣe SMSTS?

SSSTS tó, bí máníjà bá wà lókè rẹ. Ọjọ́ 2 ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. SMSTS, tó ń gba ọjọ́ 5, wà fún ẹni tí gbogbo sáìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ò dárúkọ ìwé ẹ̀rí kankan nínú méjèèjì. Ìmọ̀ àti ìrírí tó bá iṣẹ́ mu ló ń béèrè. Síbẹ̀, àwọn kọngílá ńlá sábà máa ń béèrè ìwé náà.

Ọjọ́ tí yóò parí ni kí ẹ ṣọ́ jù, torí ọdún 5 péré ni ìwé ẹ̀rí náà ń lò. Bí SSSTS yín yóò bá parí ní oṣù Kẹfà, ẹ ṣe àtúnkọ́ ọlọ́jọ́ 1 ní oṣù Karùn-ún. Tó bá ti kọjá, ọjọ́ 2 náà lẹ máa tún jókòó fún.