Bíbéèrè iye owó oṣù lọ́wọ́ mánéjà kí o tó wọkọ̀ lọ

"Ẹ jọ̀ọ́, Adó-Èkìtì ni mò ń gbé. Mánéjà iléeṣẹ́ kan ní Ìbàdàn pè mí pé kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọn ò kọ owó oṣù sínú ìkéde wọn. Báwo ni mo ṣe máa béèrè tí kò ní dà bíi pé owó nìkan ni mò ń wá?"

Àbúrò mi, kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ̀ pé o ń bọ̀, kí o wá béèrè nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà. Má pè é lórí fóònù fún èyí. Bí o bá bá a níwájú àwọn èèyàn rẹ̀, kò ní lè dá ọ lóhùn, ọ̀rọ̀ náà á sì bí i nínú. Kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ ṣeun tí ẹ pè mí. Màá wà níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, láti èló dé èló ni iléeṣẹ́ yà sọ́tọ̀ fún ipò yìí lóṣù? Ṣé kí wọ́n tó yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì ni, àbí lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́?"

"Iléeṣẹ́ yà sọ́tọ̀" ṣe pàtàkì. Bí o bá kọ "èló lẹ máa san fún mi?", ó dà bíi pé o ti ń dúnàá-dúrà pẹ̀lú ẹni tí o kò tíì rí. "Láti èló dé èló" ń fún un láyè láti fèsì láì fi ara rẹ̀ há.

Ìbéèrè kejì yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, ibẹ̀ gan-an sì ni ìyà wà. Inú máa ń bí mi sí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbani síṣẹ́ tí wọ́n á dárúkọ iye kan, tí wọ́n sì mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó máa dé ọwọ́ ẹni nìyẹn. Jẹ́ ká ní wọ́n sọ pé ₦200,000 lóṣù. Nínú rẹ̀, ₦160,000 ni owó ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí wọ́n yọ ó kéré tán ìdá 8 nínú 100 lára wọn. ₦12,800 nìyẹn. Bó bá di owó orí, òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2026 kò gba owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún, lẹ́yìn náà ó ń gba ìdá 15 nínú 100 lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e. Owó ọdún kan jẹ́ ₦2,400,000. Yọ ₦153,600 ti ìfẹ̀yìntì, yọ ₦800,000, ó ku ₦1,446,400. Owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦216,960 lọ́dún, ìyẹn ₦18,080 lóṣù. Èyí tó máa dé àkáǹtì rẹ ni ₦169,120. Iye yìí ni kí o fi díwọ̀n owó ilé ní Ìbàdàn, má fi ₦200,000 díwọ̀n rẹ̀.

Àwọn kan tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á ka ìdá 10 nínú 100 tí òfin ní kí agbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀ dá mọ́ iye tí wọ́n dárúkọ. Nínú àpẹẹrẹ wa, ₦16,000 mìíràn nìyẹn. Bí wọ́n bá ń pè é ní "àpapọ̀ owó", béèrè bóyá ó wà nínú rẹ̀.

Bí ó bá fèsì pé "ó wà lọ́wọ́ ìrírí rẹ", má bínú. Sọ pé: "Ó yé mi, sà. Ẹni tó ní ìrírí bíi tèmi ńkọ́, láti èló dé èló?" Bí ó bá ní òun ò mọ̀, ó lè jẹ́ òótọ́, torí pé ọ̀pọ̀ mánéjà kọ́ ló ń pinnu owó. Béèrè ẹni tí o lè bi. Bí ó bá dá ìbéèrè náà padà pé "èló lo fẹ́?", fi iye tí o lè gbà láì kábàámọ̀ ṣe ìsàlẹ̀, torí ìsàlẹ̀ yẹn ni wọ́n máa dì mú. Bí o bá kọ "₦150,000 sí ₦250,000", má retí ju ₦150,000 lọ.

Má parọ́ nípa owó tí o ń gbà níbi tí o wà báyìí. Wọ́n lè béèrè ìwé owó oṣù rẹ.

Ẹ tún ṣọ́ra o, ẹ̀yin tí ẹ ń wáṣẹ́: ẹni tó bá ní kí o san owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí òun tó sọ owó oṣù, má lọ rárá.

Bí mánéjà náà bá sọ iye rẹ̀ lẹ́nu, dúpẹ́, má tíì gbà, má sì kọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, tún un kọ ránṣẹ́ sí i: "Ẹ ṣeun, sà, ₦180,000 sí ₦220,000 kí wọ́n tó yọ owó orí, mo ti gbọ́." Bí iye náà bá yí padà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ni wàá fi hàn án.