“Little bags” kì í ṣe àpò díẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbàdo àti gàrí ni mo ń kó láti Kétu gba Ìlárá lọ sí Abẹ́òkúta, fún oníbàárà kan tó ń rà á lọ́pọ̀. Faransé ni mo kà nílé-ìwé, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni akọ̀wé rẹ̀ fi ń kọ̀wé sí mi. Mo kọ ọ́ sí i pé “We have little bags”, pé àpò ọwọ́ mi kò pọ̀, ó sì bi mí pé kílò mélòó ni àpò kékeré náà ń gbà. Báwo ni mo ṣe máa mọ ìgbà tó yẹ kí n lo “few”, “fewer”, “little” àti “less”?

Ìdáhùn: Ẹ má bínú sí akọ̀wé náà, ohun tí ẹ kọ gan-an ló kà. Àwa ní “kékeré” fún bí nǹkan ṣe tóbi tó, a sì ní “díẹ̀” fún bó ṣe pọ̀ tó. Faransé náà ya “petit” sọ́tọ̀ kúrò lára “peu”. Gẹ̀ẹ́sì ló kó iṣẹ́ méjèèjì lé “little” lórí. Bí ẹ bá wá fi “little” ṣáájú ohun tó ṣeé kà ní ẹyọ ẹyọ, títóbi rẹ̀ ni olùkàwé máa rò pé ẹ ń sọ, kò ní rò pé iye rẹ̀ ni. “Little children” ni ọmọ kéékèèké, “little bags” ni àpò kéékèèké. Àpò tí kò pọ̀ ni “few bags”.

Ibi tí ìṣòro wà ni pé èdè méjèèjì tí ẹ gbọ́ kò bi yín ní ìbéèrè tí Gẹ̀ẹ́sì máa ń bi ènìyàn. Àpò díẹ̀, omi díẹ̀: “díẹ̀” kan náà ni. Ẹ bọ́ sórí Faransé, “peu de sacs”, “peu d’eau”, “moins de sacs”, “moins d’eau”: kò sí ohun tó yí padà. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ máa kọ́kọ́ bèèrè pé ṣé ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ṣeé kà àbí kò ṣeé kà. Bó bá ṣeé kà, “few” ni fún ohun tí kò pọ̀, “fewer” sì ni nígbà tí ẹ bá fi wé òmíràn tí ẹ rí i pé kò tó o. Bí kò bá ṣeé kà, “little” ló rọ́pò “few”, “less” ló rọ́pò “fewer”. Ìyẹn ni pé “few” àti “fewer” jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, “little” àti “less” náà sì jẹ́ ọmọ ìyá tiwọn.

Báwo la ṣe ń mọ èyí tó ṣeé kà? Ẹ fi “three” síwájú ọ̀rọ̀ náà tààrà, kí ẹ fi “s” sí i nídìí. “Three bags” dán mọ́rán. “Three garis” kò sí níbì kankan. Ọ̀rọ̀ náà ni ẹ ń dán wò o, ẹ má dán ohun tó wà lójú ọjà wò, nítorí ojú lè tan yín. Ojoojúmọ́ la ń ka owó, síbẹ̀ “money” kò ṣeé kà ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni kì í sọ pé “three moneys” bó bá ń sọ owó ọwọ́ rẹ̀. “Less money” la ń sọ, ṣùgbọ́n “fewer coins”, torí pé ẹyọ owó ní “s”. Ìrẹsì àti ẹ̀wà rèé, hóró ni àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó jókòó ka èyíkéyìí nínú wọn. Gẹ̀ẹ́sì ka “beans”, kò ka “rice”: “fewer beans”, “less rice”. Bẹ́ẹ̀ ni “groundnuts” ṣeé kà tí “maize” kò ṣeé kà. Kò sí ìdí kan téèyàn lè fi làákàyè rí nínú èyí. Ẹ kọ́ wọn bí ẹ ṣe ń kọ́ orúkọ ènìyàn. Iṣu ní tirẹ̀ lè gba ọ̀nà méjèèjì. Bó bá ṣì wà ní odindi lórí àtẹ, “few yams”. Bó bá ti di ohun tó wà nínú àwo, “little yam”.

Ẹni tó kàwé ní Faransé tún ní ọ̀fìn tirẹ̀ tí ará Abẹ́òkúta kò ní. “Informations”, “bagages”, “meubles”, “conseils”: Faransé fi “s” sí gbogbo wọn, nítorí náà ọwọ́ yín máa fẹ́ kọ “few informations”. Ní Gẹ̀ẹ́sì, “information”, “luggage”, “furniture” àti “advice” kò ṣeé kà rárá, wọn kì í sì gba “s”. “Little information” ni, “less luggage” ni.

Ohun tó máa gbà yín lọ́wọ́ wàhálà jù lọ nínú òwò yín ni ohun tí a fi ń wọn ọjà. Gàrí kò ṣeé kà, àpò ṣeé kà. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé “few” tàbí “little” gan-an ni kí ẹ wò, kì í ṣe ohun tó wà nínú àpò: “fewer bags of gari”, ṣùgbọ́n “less gari”.

Ó tún ku “a” kékeré kan tó lè ba ọjà jẹ́. “We have few bags” ń ráhùn ni: àpò wa kò tó nǹkan, ẹ má gbọ́kàn lé wa. “We have a few bags” ń fúnni ní ìrètí: àpò díẹ̀ wà nílẹ̀, ẹ lè wá gbé e. Ẹ fi Faransé rántí rẹ̀, nítorí níbí ó ràn yín lọ́wọ́: “few” ni “peu de”, “a few” ni “quelques”, “little” ni “peu de”, “a little” ni “un peu de”. Oníbàárà tó bá ka “few” lè gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ kí ọkọ̀ yín tó kúrò ní Kétu. Ẹ sì ṣọ́ra fún “quite a few”. Ó jọ pé ó ń dín in kù, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ni pé ó pọ̀ dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká mú lẹ́tà kan, irú èyí tí ẹ lè kọ. Ká ní ọgọ́fà àpò àgbàdo, 120, ni ẹ kó lọ́sẹ̀ tó kọjá, àpò kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100 kílò, ṣùgbọ́n 85 péré lẹ rí lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

“We have less bags of maize this week because there was little rains. We can bring few bags on Friday. There are fewer gari too, and we have few informations about the price. The journey takes fewer than four hours.”

Àpò ṣeé kà, nítorí náà “less bags” di “fewer bags”. Òjò níbí kò ṣeé kà, “s” gbọ́dọ̀ kúrò: “little rain”. Ẹ fẹ́ kí wọ́n máa retí yín lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ fi “a” sí i: “a few bags”. Ti gàrí, àṣìṣe méjì ló so mọ́ra. “Fewer” di “less”, ṣùgbọ́n “are” náà gbọ́dọ̀ di “is”, nítorí ohun tí kò ṣeé kà máa ń mú ọ̀rọ̀ ìṣe ẹyọ kan. Ìsọfúnni náà ti yé wa. Lẹ́tà náà wá di:

“We have fewer bags of maize this week because there was little rain. We can bring a few bags on Friday. There is less gari too, and we have little information about the price. The journey takes less than four hours.”

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí wákàtí mẹ́rin fi gba “less”, nígbà tí “hours” ní “s”, tó sì ṣeé kà. Nítorí pé a kò ka wákàtí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, gígùn ìrìn-àjò lápapọ̀ la ń wọ̀n. Àkókò, owó, ọ̀nà jíjìn àti ìwọ̀n kílò, bí nọ́ńbà bá ti wà lórí wọn, odidi kan ni Gẹ̀ẹ́sì kà wọ́n sí: “less than four hours”, “less than 20,000 naira”, “less than ten kilometres”. Ènìyàn àti àpò kì í ṣe bẹ́ẹ̀: “fewer than ten people”. Ìdínkù tiyín gan-an fi í hàn kedere. Láti 120 sí 85, àpò 35 ló dín. Bí ẹ bá fi àpò sọ ọ́, “35 fewer bags than last week”. Bí ẹ bá fi kílò sọ ọ́, “3,500 kilos less than last week”. Àgbàdo kan náà ni o. Bí ẹ bá sì fẹ́ sọ pé ó fi púpọ̀ dín, “far” bá méjèèjì mu: “far fewer bags”, “far less gari”.

Ẹ máa gbọ́ “less bags” lẹ́nu àwọn tí wọ́n bí sínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ó ti wà lẹ́nu wọn fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọ̀gbẹ́ni Robert Baker ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1770 pé “fewer” tẹ́ òun lọ́rùn jù níbẹ̀, ohun tó wù ú sì wá di òfin ilé-ìwé. Nínú lẹ́tà òwò, ẹ pa òfin náà mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá máa ṣìnà, ó sàn kí ẹ ṣìnà sápá “less”. “Less bags” máa ń kọjá láìsí ariwo. “Fewer gari” àti “fewer money” kì í kọjá, ẹni tó sá fún “less” ju bó ṣe yẹ lọ ló sábà máa ń kọ wọ́n.

Bó bá sì rú yín lójú pátápátá, ẹ yẹra fún gbogbo wọn. Ilé ìtajà Tesco ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2008: àríyànjiyàn ti pọ̀ lórí “10 items or less” tó wà níbi tí wọ́n ti ń sanwó, wọ́n sì yí i sí “Up to 10 items”. Bí ẹ bá mọ iye, iye ni kí ẹ kọ. Èyí tí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé náà lónìí nìyí: “The bags are the usual 100-kilo ones. We have only 85 of them.”