Jíjìnnà sí oòrùn nìkan kò tó

Ìbéèrè: "Ẹ ǹlẹ́ sà. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí ní Òmù-Àrán. Mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi pé pílánẹ́ẹ̀tì tí kò sún mọ́ oòrùn jù, tí kò sì jìnnà sí i jù, ni omi ti lè ṣàn. Ọ̀kan nínú wọn ní ṣebí ibi tí ayé wà náà ni òṣùpá wà, kí ló dé tí omi kì í ṣàn níbẹ̀? Báwo ni kí n ṣe dá a lóhùn?"

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Ọmọ yẹn ronú dáadáa. Nǹkan bí 150 mílíọ̀nù kìlómítà ni ayé àti òṣùpá fi jìnnà sí oòrùn, ṣùgbọ́n òṣùpá kéré débi pé kò lágbára tó láti di afẹ́fẹ́ mú sára. Omi kò sì lè ṣàn níbi tí kò bá ti sí afẹ́fẹ́ tí yóò máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bó ti wù kí ooru ibẹ̀ mọ níwọ̀n tó.

Ẹ lè fi èyí hàn wọ́n lójúkojú. Ẹ ra sírínjì ńlá ní ilé oògùn, kí ẹ yọ abẹ́rẹ́ ẹnu rẹ̀ kúrò. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ fa omi gbígbóná tí kò tíì hó sínú rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ ti gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ẹ dí ẹnu rẹ̀ pinpin, kí ẹ wá fi agbára fa ọ̀pá rẹ̀ sẹ́yìn. Omi náà yóò hó láìsí iná, nítorí pé ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ ti dínkù. Bí ẹ bá jọ̀wọ́ ọ̀pá náà, híhó yóò dáwọ́ dúró.

Máàsì ni ẹ lè fi ṣe àpẹẹrẹ kejì. Nínú ọ̀pọ̀ ìṣirò, ó bọ́ sí apá ìta àgbègbè tí omi ti lè ṣàn, àwọn ojú odò tó ti gbẹ sì wà nílẹ̀ rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti sá lọ sí òfuurufú, agbára tí ìyókù fi ń tẹ ilẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti ayé wa, èyí ló fi jẹ́ pé yìnyín ibẹ̀ sábà máa ń di gáàsì láìkọ́kọ́ di omi.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ dájú ni bí a ṣe ń fa ààlà àgbègbè náà. Àwọn onímọ̀ á gbà pé pílánẹ́ẹ̀tì náà jọ ayé, pé ó ní òkun àti afẹ́fẹ́. Wọ́n á wá ṣírò ibi tí oòrùn yóò ti gbóná débi pé òkun yóò gbẹ, èyí ni ààlà inú, àti ibi tí gáàsì kábọ́ọ̀nù kò ti ní lè mú ilẹ̀ móoru mọ́, èyí ni ààlà ìta. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé pílánẹ́ẹ̀tì kan wà láàárín ààlà méjèèjì, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sára rẹ̀ nìkan ni wọ́n sọ. Ó ṣì kù kí a mọ̀ bóyá ó ní afẹ́fẹ́ rárá.

Omi sì lè wà lẹ́yìn ààlà náà pẹ̀lú. Yùrópà, ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá Júpítà, jìnnà sí oòrùn ní ìlọ́po márùn-ún ju tiwa lọ, síbẹ̀ ẹ̀rí tó lágbára wà pé òkun wà lábẹ́ yìnyín rẹ̀, nítorí pé bí Júpítà ṣe ń fà á, tó sì ń dẹ̀ ẹ́, ń mú inú rẹ̀ gbóná.