Káàdì mẹ́mórì kámẹ́rà tí kò gba nǹkan mọ́

Ìbéèrè: Káàdì tó wà nínú kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọjà Ọba, Ìlọrin, kò gba fídíò tuntun mọ́, àwọn ti tẹ́lẹ̀ sì ń ṣí dáadáa. Ṣé iná ló bà á jẹ́ ni?

Kò jọ ti iná, ó ti gbó ni. Yàrá tín-ín-tìn-ìn-tín ló kún inú káàdì. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ègé sílíkọ́nì kan wà tí gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò yí ká; wáyà kankan kò kàn án. Láti kọ nǹkan, káàdì á fi iná bíi fọ́ọ̀tì 20 fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gba inú gíláàsì wọlé. Tí iná bá lọ, wọn kò rọ́nà jáde, fídíò rẹ á sì wà níbẹ̀. Láti kà á, káàdì á fi iná díẹ̀ dán yàrá wò: èyí tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kún inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí iná díẹ̀ yẹn kọjá, èyí tó ṣófo á jẹ́ kó kọjá.

Gíláàsì yẹn ló ń jìyà. Ní gbogbo ìgbà tí a bá kọ tàbí pa rẹ́, ó ń ní àbùkù, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mìíràn á há sínú gíláàsì fúnra rẹ̀. Tó bá yá, yàrá tí a ti pa rẹ́ á máa ṣe bíi pé ó kún. Kíkà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní nǹkan.

Ká ní káàdì gígábáìtì 32 ni, tí kámẹ́rà ń kún un lójoojúmọ́. Irú tó ń kó bíìtì mẹ́ta sí yàrá kan sábà máa ń fara da nǹkan bí ìgbà 1,000: kò tó ọdún mẹ́ta nìyẹn. Káàdì mìíràn á wá ti ara rẹ̀ sí kíkà nìkan. Tètè kó fídíò rẹ kúrò. Gígábáìtì 128 ni kó o rà, ọjọ́ mẹ́rin ni yóò fi yípo.