Bàbá tó ń ra oògùn ìrora lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀

"Bàbá kan ń ra dikilofínákì lọ́wọ́ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí ẹ̀yìn ríro. Ṣé kí n ṣì máa tà á fún wọn?"

Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ná. Irú wọn wá bá mi l'Ádó-Èkìtì, ọ̀sẹ̀ karùn-ún nìyẹn. Wọ́n ní ebè iṣu táwọn kọ ló fà á. Mo ní, "Bàbá, ṣé ó ń jí yín lóru?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣòkòtò ti ń tú lára wọn, ìtọ̀ ò sì já geere. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ pírósítéètì tó ti dé eegun. Oògùn kàn ń bo ìrora mọ́lẹ̀ ni. Mi ò tà á. Mo kọ lẹ́tà sí dókítà, mo kọ orúkọ oògùn àti iye ọ̀sẹ̀ sí i. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà títì, tí ẹsẹ̀ ń kú, tàbí tí ìtọ̀ há, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n dé ọsibítù.