Ọjọ́ ọjà ni kẹ́ ẹ fi ka ọjọ́ gbèsè

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀ọ̀dá. Àjàṣẹ́ ni mò ń gbé, ọjà Àjàrá ni mo ti ń ta gààrí àti àgbàdo. Owó ilé, owó iná, owó omi, owó ilé-ìwé ọmọ, kò sí èyí tí n kò tíì san pẹ́ rí, onílé mi ò sì rẹ́rìn-ín sí mi mọ́. Ọmọ mi kọ ọjọ́ gbogbo wọn sínú fóònù mi, ó ń dún, síbẹ̀ mo ṣì ń pẹ́. Báwo ni mo ṣe máa ṣe kàlẹ́ńdà tó máa gbà mí?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ọjà. Bí fóònù bá ń dún tẹ́ ẹ ṣì ń pẹ́, a jẹ́ pé kì í ṣe ìgbàgbé ló ń ṣe yín. Ọjọ́ ìkẹyìn tí wọ́n tẹ̀ sára ìwé ni ọmọ yín kọ. Nígbà tó bá fi máa dún, owó yín ti di àgbàdo, ó wà nínú àpò lẹ́yìn ọkọ̀. Mo ti ń bá àwọn ọlọ́jà ṣe ìwé owó tipẹ́, ibí yìí ni mo sì ti ń bá ọ̀pọ̀ wọn.

Oṣù òyìnbó ni onílé fi ń kà, òun náà ni SBEE fi ń gba owó iná, tí SONEB fi ń gba owó omi. Ẹ̀yin, ọjà lẹ fi ń kà. Ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń ná Àjàrá, èyí tí àwọn ìyá wa ń pè ní ọrọọrún nítorí pé wọ́n máa ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn. Oṣù kan á ní ọjà méje, òmíràn á ní mẹ́jọ, ọjà kì í sì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà lóṣooṣù. Kàlẹ́ńdà tó máa wúlò fún yín gbọ́dọ̀ gbé ìkà méjèèjì sójú kan.

Ẹ gba kàlẹ́ńdà bébà olóṣooṣù kan, irú èyí tí wọ́n máa ń pín lọ́dún tuntun. Ẹ fi báírò pupa yí gbogbo ọjọ́ ọjà ká. Lẹ́yìn náà ẹ kọ gbèsè kọ̀ọ̀kan sí ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀, pẹ̀lú iye owó rẹ̀. Wàyí o, ẹ ka ọjọ́ padà sẹ́yìn láti ara gbèsè náà títí ẹ ó fi kan ọjọ́ pupa tó fi ó kéré tán ọjọ́ méjì ṣáájú. Ọjọ́ yẹn gan-an lẹ máa san án. Mo ní ọjọ́ méjì nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Mómò lè kọṣẹ́ lálẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ sanwó, ẹ ó sì fẹ́ ní ọ̀la àti ọ̀túnla tẹ́ ẹ lè fi tún gbìyànjú.

Ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò pẹ̀lú oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́ kan tí ọjà bọ́ sí 3, 7, 11, 15, 19, 23 àti 27, tí ọjà tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ ọjọ́ 1 oṣù tó ń bọ̀. Ká ní owó ilé jẹ́ 20 000 sẹ́fà, ọjọ́ 5 ni. Iná 12 000, ọjọ́ 18. Omi 4 000, ọjọ́ 24. Owó ilé-ìwé 25 000, ọjọ́ 30. Owó ilé ti oṣù yìí ti wà nílẹ̀, ẹ sì san án ní 3. Iná á bọ́ sí ọjà 15. Ti omi ló ń tan èèyàn jẹ: ọjà 23 wà lóòótọ́, àmọ́ ó kù ọ̀la kó pé, nítorí náà ẹ mú un padà sí 19. Ilé-ìwé á jẹ́ 27. Owó ilé oṣù tó ń bọ̀, ọjà ọjọ́ 1 ni, torí ọjà tó tẹ̀ lé e bọ́ sí ọjọ́ 5 fúnra rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó jáde níbẹ̀. Láàárín 27 àti ọjọ́ 1, ọjà méjì péré, 45 000 ló fẹ́ jáde lọ́wọ́ yín. Kò sí aago tó lè yọ èèyàn nínú ìyẹn. Àmọ́ láti ọjà 7 dé ọjà ọjọ́ 1, ọjà méje ló wà, gbogbo owó tẹ́ ẹ ó san sì jẹ́ 61 000. Ẹ ya 9 000 sọ́tọ̀ ní ọjà kọ̀ọ̀kan. Ní 15, 27 000 ti wà nílẹ̀. Ẹ san iná, ó ku 15 000. Ní 19 ó di 24 000; ẹ san omi, ó ku 20 000. Ní 27 ó ti di 38 000. Ẹ san ilé-ìwé, ó ku 13 000. Ní ọjọ́ 1 ó di 22 000, onílé gba tirẹ̀, 2 000 sì ṣẹ́ kù. Bí iye tó wà nílẹ̀ bá kéré sí gbèsè ní ọjọ́ kan nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe ìṣirò tiyín, ẹ fi kún iye tẹ́ ẹ ń yà sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi í sínú àpò ọjà o. Kóló ni, tàbí nọ́ńbà Mómò mìíràn tí ẹ kì í fi ra ọjà.

Ó wá kan fóònù. Aago pàtàkì níbẹ̀ ni aago ìyasọ́tọ̀, kì í ṣe ti gbèsè. Kí ọmọ yín ṣí Google Agenda, kó kọ "Ya 9 000 sọ́tọ̀" sí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, kó pa "Toute la journée", kó fi aago sí 19:00 tẹ́ ẹ ti dé láti ọjà, kó sì ní kó máa tún ara rẹ̀ sọ ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin. Á máa bá Àjàrá rìn títí lọ. Ọjọ́ ìsanwó ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ máa tún ara rẹ̀ sọ lóṣooṣù, nítorí ọjà á ti kúrò níbẹ̀. Alẹ́ ọjà tó kẹ́yìn nínú oṣù ni kẹ́ ẹ jókòó pẹ̀lú ọmọ yín, kẹ́ ẹ gbé ti oṣù tuntun sí i. Bí ẹ bá sì ní gbèsè kan tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ 31, ẹ kọ ọ́ sí 28: bí a bá ní kí Google Agenda máa tún ọjọ́ 31 sọ lóṣooṣù, ṣe ló máa fo àwọn oṣù tí kò ní 31.

Ìwé iná àti ti omi tún ní wàhálà kan. Nínú agbo ilé, ọmọ lè fi ìwé náà ṣeré, aládùúgbò lè gbà á kó gbàgbé. Bí ìwé kò bá dé, ẹ ò ní rí nǹkan kan kọ sórí kàlẹ́ńdà, ẹ ó sì rò pé kò sí gbèsè. Nítorí náà ẹ kọ "ṣé ìwé iná ti dé?" sí bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ tó sábà máa ń pé. Bí kò bá tíì dé, ẹ lọ béèrè iye rẹ̀. Bí ẹ bá ti san, ẹ kọ nọ́ńbà ìsanwó tó wà nínú ìfiránṣẹ́ Mómò sára kàlẹ́ńdà bébà náà, kẹ́ ẹ tó fi ìlà gba orí gbèsè yẹn kọjá.

Ohun kan kù tí mo rí nínú fóònù àwọn ọlọ́jà púpọ̀: láti dá bátìrì sí, fóònù a máa pa àwọn ètò tí a kò ṣí lẹ́nu mọ́. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó gbọ́kàn lé e. Kí ọmọ yín fi ìránnilétí kan sí ogún ìṣẹ́jú sí i, kẹ́ ẹ pa ojú fóònù, kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀. Bí kò bá dún, kó wọ ètò bátìrì, kó yọ Agenda kúrò lára àwọn tí fóònù ń pa, kẹ́ ẹ sì tún un dán wò.