Ikọ́ òru àti ẹsẹ̀ wíwú lẹ́yìn ìbímọ: wọ́n ní ibà ni, ọkàn mi ni

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi bímọ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì wú, ó ń wúkọ́ lóru, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Wọ́n ní ibà ni, ẹnì kan wá ní ó lè jẹ́ ọkàn. Ṣé ìbímọ lè ba ọkàn jẹ́? Ṣé ó máa sàn tán? Ṣé kó ṣì máa fún ọmọ lọ́mú?"

Bàbá ìkókó, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá lónìí, ẹ má dúró di ọ̀la. Kò-lè-fẹ̀yìn-lélẹ̀-sùn tí ẹ sọ yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, torí bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ọmọ kejì ni mo bí, níbí ní Òṣogbo, ìbímọ náà ò le rárá. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ikọ́ dé, ikọ́ òru, lọ́sàn-án kò sí nǹkan kan. Tí mo bá ti dùbúlẹ̀ báyìí, á dà bíi pé mò ń rì sómi, màá ta gìrì dìde, màá lọ ṣí fèrèsé, màá máa wá afẹ́fẹ́ kiri. Ìyá ọkọ mi ní atẹ́gùn ló wọ̀ mí lára. Pílò kan di méjì, méjì di mẹ́ta, nígbà tó yá orí àga ni mò ń jókòó sùn, ọmọ á wà láyà mi. Ẹsẹ̀ wá wú débi pé sílípáàsì ò wọlé mọ́, gbogbo àwọn tó wá kí wa ní bẹ́ẹ̀ ni ìyá ọmọ ṣe máa ń rí.

Kẹ́mísì kan ní Ìgbọ̀nà fún mi ní oògùn ikọ́. Kò dáa. A lọ sí kílíníìkì kan, wọn ò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n ní ibà ni, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. A tún padà lọ, wọ́n ní ásímà ni, èmi tí mi ò ní ásímà rí láyé mi. Ìgbà kẹta ni inú ṣì ń bí mi sí títí dòní. Mo ní ó ń rẹ̀ mí, mi ò lè rìn láti yàrá dé ilé ìdáná kí n má jókòó sáàárín ọ̀nà, wọ́n ní oúnjẹ ni mi ò jẹ dáadáa, ara mi ti gbẹ, wọ́n bá fa dírípù sí mi lára. Àpò àkọ́kọ́ ń lọ, mo ní èémí mi ń kúrú sí i. Wọ́n ní kí n fara balẹ̀, pé ìyá ọmọ máa ń ronú jù. Wọ́n so ìkejì. Kò tíì dé ìdajì tí itọ́ fi ń hó lẹ́nu mi bí omi ọṣẹ, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ètè mi ti ń dúdú. Ọkọ mi ló fa abẹ́rẹ́ yẹn yọ fúnra ẹ̀, ó gbé mi sínú mọ́tò.

Ohun tí wọn ò mọ̀ nìyí, tàbí tí wọ́n mọ̀ tí wọn ò rò ó: ọkàn tó ti rẹ̀ ò lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde tó bó ṣe yẹ, omi á wá máa padà sínú ẹ̀dọ̀fóró, òun ló ń fa ikọ́ òru, á tún máa dúró sí ẹsẹ̀. Ẹni tí omi ti kún nínú ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n tún wá ń bu omi kún un! Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ so dírípù fún un torí pé ó ń rẹ̀ ẹ́, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ àyà ẹ̀ ná.

Ní tíṣìn ọsibítù tí a sáré gbé mi lọ, dókítà obìnrin kékeré kan ló bi mí pé, "Mà, pílò mélòó lẹ fi ń sùn?" Ẹnì kan ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun mi, ó kà díẹ̀, ó gbé e kúrò, ihò náà ò dìde, ó dúró síbẹ̀ bí ibi tí èèyàn ti fìka tẹ ẹ̀bà. Ó wo iṣan ọrùn mi, ó ń lù kìkì. Ẹ lè tẹ ti ìyàwó yín wò nílé, àmọ́ tí ò bá tiẹ̀ jìn, ẹ ṣì gbé e lọ.

Wọ́n fún mi ní afẹ́fẹ́, wọ́n gún mi ní Lásíìsì, oògùn tó ń mú omi jáde lára, mo tọ̀ títí mo fi rò pé mi ò ní dákẹ́, ilẹ̀ mọ́ tí mo lè fẹ̀yìn ti pílò méjì. Wọ́n ya fọ́tò àyà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ìyẹn ò le. Èyí tó sọ ọ̀rọ̀ di òótọ́ ni ẹ́kò, ó dà bíi sikáànù oyún, àyà ni wọ́n ń gbé e lé. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ EF sí nínú ìwé tó bá jáde. Òun ló ń sọ ìdá tí ọkàn ń tì jáde nínú ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ẹ̀ tó bá lù lẹ́ẹ̀kan. Tó bá lé ní 55% ó dáa. Tó bá wà lábẹ́ 45%, tó bá jẹ́ pé láàárín ìparí oyún sí oṣù karùn-ún lẹ́yìn ìbímọ ni, tí wọn ò rí ohun mìíràn tó fà á, òun ni wọ́n ń pè ní pẹripátọ̀mù kadiomayópatì. Tèmi jẹ́ 24%. Ẹ má gbà kí wọ́n ní kí ẹ lọ kí ẹ padà wá lóṣù tó ń bọ̀ fún ẹ́kò o.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ mú sùúrù pẹ̀lú iyọ̀ àti kánún. Àwọn ará òkè ọya máa ń fi kánún sí ẹ̀kọ ìyá ọmọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rí àìsàn yìí púpọ̀, Kánò àti Sááríà. Mi ò sọ pé kánún ló fà á, àmọ́ iyọ̀ inú ẹ̀ ń fa omi sára. Ìyá ọkọ mi ń fi ọbẹ̀ ata oníyọ̀ bọ́ mi láràárọ̀, ìfẹ́ ni, ó kàn ń dá kún un ni.

Ẹ bi mí bóyá ó ń sàn tán. Ó tó ìdajì àwọn tó ní in tí ọkàn wọn ń padà bọ̀ sípò, ọ̀pọ̀ nínú wọn láàárín oṣù mẹ́fà, àwọn mìíràn pẹ́ tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí EF bá lọ sílẹ̀ ju 30% lọ níbẹ̀rẹ̀ ó máa ń ṣòro sí i, àmọ́ èmi tó bẹ̀rẹ̀ ní 24% rèé. Oṣù kẹrin ó di 41%, ara yá, mo bá dá oògùn dúró láìbi ẹnikẹ́ni, ọ̀sẹ̀ méjì péré ẹsẹ̀ tún wú. Mo padà sídìí oògùn, oṣù kọkànlá ó di 56%. Kí ó má ṣe bíi tèmi, dókítà ọkàn nìkan ló lè ní kí ó dín oògùn kù.

Ní ti ọmú, mo ń fún ọmọ mi lọ́mú pẹ̀lú ẹnalapírìlì, ọ̀kan nínú àwọn oògùn ọkàn tí mò ń lò, wọ́n ní kò ṣe é ní nǹkan. Tí wọ́n bá ní kó lo bromokríptìn, oògùn mìíràn tí wọ́n ń lò fún àìsàn yìí, ìyẹn á gbẹ ọmú, kí wọ́n sì fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì pẹ̀lú ẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ máa ń dì lára àwọn tó ní àìsàn yìí. Tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú jùkejì lọ tó ń dùn ún, ẹ má sùn lé e.

Èyí tí wọn ò tètè sọ fún mi ni oyún. Ẹnalapírìlì yìí ń ṣe oyún níbi, àìsàn náà sì lè padà nínú oyún tó bá tẹ̀ lé e, pàápàá tí EF ò bá tíì padà bọ̀ sípò. Kí ẹ tó kúrò ní ọsibítù ni kí ẹ bi wọ́n nípa fẹ́mílì plánínì, ẹ sọ fún wọn pé ọkàn ni, kí wọ́n má fún un ní èyí tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá ni wọ́n fi sí mi.

Ẹ kọ EF ẹ̀ síbí tó bá ti jáde. Mò ń wo fóònù mi.